Ṣé o mọ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló yẹ gbogbo àìtó ẹ̀jẹ̀?

Ní Ìkọ̀lé tàbí Ìdó-Èkìtì, bí inú ìpéǹpéjú ọmọ SS bá funfun, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní èròjà irin ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n irin kọ́ ló sábà máa ń wọ́n ọmọ náà. Kíndìnrín rẹ̀ ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ dínkù, ó ti tú ẹritiropoyẹ́tìnì jáde, mùdùnmúdùn egungun sì ń ṣiṣẹ́ kárakára. Ìṣòro rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kì í ju 10 sí 20 lọ kó tó fọ́. Irin inú èyí tó fọ́ kì í ṣòfò; ara ń kó púpọ̀ nínú rẹ̀ padà.

Ẹnì kan lè sọ pé àfikún irin kì í ba nǹkan jẹ́. Ó lè bà á jẹ́, nítorí ara kò ní ọ̀nà láti da irin àpọ̀jù nù, pàápàá lára ẹni tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lọ́pọ̀ ìgbà: inú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn ló ń jókòó sí. Lóòótọ́, irin lè wọ́n ọmọ SS tí kòkòrò inú ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tàbí tí oúnjẹ rẹ̀ kò dára. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ fẹ́rítìnì rẹ̀ wò kí ẹ tó ra oògùn.