Títẹ Ajá Lọ́dàá: Ohun Tí Ó Ń Ṣe sí Ìwà, Ìwọ̀n àti Ìlera Rẹ̀, àti Ọjọ́ Orí Tí Ó Yẹ

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìgbọ́ràn nìkan ni ó ń di ajá létí. Bí abo ajá kan bá ń wá akọ ní abúlé kejì, atẹ́gùn a gbé òórùn rẹ̀ dé ọ̀nà jíjìn, akọ tí ó bá gbóòórùn náà a sì fi oúnjẹ àti olúwa rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọ̀nà ni ọkọ̀ ti ń pa á, tàbí kí àwọn akọ mìíràn ya á lára, tàbí kí ó pàdé ajá tí dìgbòlugi ń ṣe. Nítorí irú ewu wọ̀nyí ni àwọn tí ń sin ajá ṣe ń bèèrè bí ó bá yẹ kí a tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún òbúkọ àti àgbò.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ọwọ́ lásán. Lára akọ ajá, oníṣègùn ẹran yóò kọ́kọ́ fún un ní oògùn tí yóò mú un sùn tí kò fi ní mọ ìrora, yóò la awọ díẹ̀ níwájú ẹpọ̀n, yóò di iṣan ẹ̀jẹ̀, yóò yọ kórópọ̀n méjèèjì, yóò sì rán ojú ọgbẹ́. Lára abo, inú ni a ó là, nítorí pé inú lọ́hùn-ún ni ilé ẹyin méjèèjì wà. A ó yọ wọ́n, a sì sábà máa ń yọ ilé ọmọ pẹ̀lú wọn. Nítorí náà ni iṣẹ́ ti abo ṣe pọ̀ ju ti akọ lọ. Kórópọ̀n àti ilé ẹyin ni ó ń tú họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí í mú akọ hùwà akọ, tí í sì mú abo wá akọ. Ohun gbogbo tí ó ń yí padà lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ì báà jẹ́ rere ì báà jẹ́ búburú, láti inú àìsí họ́mónù yìí ni ó ti wá.

Ní ti ìwà, ohun tí họ́mónù ń tì lẹ́yìn ni yóò dínkù. Nínú ìwádìí kan tí a ṣe ní Amẹ́ríkà tí a sì tẹ̀ jáde ní 1976, rírìn kiri dínkù lára akọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ìjà láàárín akọ àti akọ dínkù lára bíi mẹ́fà nínú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n títọ̀ sí ara ògiri nínú ilé dínkù lára ìdajì wọn péré. Ìyípadà náà kì í dé lọ́jọ́ kan. Lára ajá mìíràn ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lára òmíràn ó ń gba oṣù díẹ̀, àṣà tí ó sì ti mọ́ ajá lára fún ọdún púpọ̀ lè má lọ tán. Kí ẹni tí ó ni akọ má sì ṣe gbàgbé pé àtọ̀ tí ó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè fún abo lóyún lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ó dára kí a yà á kúrò lọ́dọ̀ abo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ohun tí kórópọ̀n kò fà, yíyọ rẹ̀ kò lè wò ó sàn. Gbígbó mọ́ àjèjì àti ṣíṣọ́ ilé kì í ṣe iṣẹ́ họ́mónù akọ, nítorí náà kí olóko má ṣe bẹ̀rù pé ajá rẹ̀ kò ní ṣọ́lé mọ́. Bákan náà, ajá tí ń bu ènìyàn jẹ nítorí pé ẹ̀rù ń bà á kò ní fi í sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ yìí, ìbẹ̀rù àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Irú ajá bẹ́ẹ̀ nílò ìkọ́ni kí a tó ronú abẹ.

Ní ti ìwọ̀n ara, òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ajá tí a tẹ̀ lọ́dàá ń sanra, ṣùgbọ́n abẹ kọ́ ni ó ń fi ọ̀rá sí wọn lára. Ohun méjì ni ó ń ṣẹlẹ̀: ara wọn kì í ná oúnjẹ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ebi sì ń pa wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí olúwa wọn bá ń bu iye kan náà fún wọn, èyí tí ó ṣẹ́kù yóò di ọ̀rá. Oògùn rẹ̀ ni pé kí a dín oúnjẹ kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́rin láti ìgbà tí ọgbẹ́ bá ti jinná, kí a má sì dúró títí ajá yóò fi tóbi. Ọwọ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n: bí a bá fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ajá, ó yẹ kí a lè ka egungun ìhà rẹ̀ lábẹ́ awọ láìtẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Bí a kò bá rí wọn kà mọ́, oúnjẹ ti pọ̀ jù.

Ní ti ìlera, èrè tí ó tóbi jù lọ jẹ́ ti abo. Abo tí a kò tẹ̀ lọ́dàá a máa ní àrùn kan tí ọyún fi ń kún ilé ọmọ rẹ̀, pàápàá nígbà tí ó bá ń dàgbà. Ní ilẹ̀ Súwídìn, níbi tí a kì í ti í sábà ṣe iṣẹ́ yìí láyé ìgbà náà, ìwádìí tí ó jáde ní 2001 fi hàn pé bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn abo ni àrùn náà mú kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́wàá. Láàárín oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà tí abo bá wá akọ ni ó sábà ń dé. Abo náà yóò máa mu omi lámujù, kò ní fẹ́ jẹun, yóò máa bì, ọyún sì lè máa jáde ní ojú ara rẹ̀. Nígbà mìíràn ojú ilé ọmọ a pa dé, ọyún kò ní jáde, inú nìkan ni yóò máa wú. Èyí tí kò jáde ni ó burú jù, a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Abo tí a ti yọ ilé ẹyin àti ilé ọmọ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ajá tí kì í gùn pẹ̀lú àwọn ajá ìgboro tún fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ kókó ẹlẹ́jẹ̀ tí ń yọ ní ojú ara wọn, èyí tí wọ́n ń kó ran ara wọn nígbà gígùn, tí ó sì wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà.

Ní ti jẹjẹrẹ ọmú, ìwádìí kan ní 1969 sọ pé abo tí a ṣe iṣẹ́ náà fún kí ó tó wá akọ rárá kì í sábà ní i. Àwọn tí ó tún gbogbo ẹ̀rí yẹ̀ wò ní 2012 sọ pé ẹ̀rí náà kò lágbára tó bí a ti rò.

Kò sí èrè tí kò ní ìnáwó tirẹ̀. Lára abo mìíràn, ìtọ̀ a máa ṣẹ́ nígbà tí ó bá sùn, nítorí pé iṣan tí ń dí ojú ìtọ̀ ti rọ̀. Bí ibi tí ó sùn bá ń tutù láràárọ̀, ohun tí ó ń ṣe é ni èyí, oògùn sì wà fún un. Ó wọ́pọ̀ lára ajá ńlá ju lára ajá kékeré lọ. Ti akọ ni pé iṣẹ́ yìí kò dáàbò bò ó kúrò lọ́wọ́ gbogbo jẹjẹrẹ, bí ó tilẹ̀ mú ti kórópọ̀n kúrò pátápátá.

Ọjọ́ orí ni ó ń pinnu púpọ̀ nínú èyí. Họ́mónù kan náà ni ó ń sọ fún egungun pé kí ó dáwọ́ gígùn dúró. Bí a bá mú un kúrò nígbà tí ajá ńlá ṣì ń dàgbà, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gùn ju bí ó ti yẹ lọ, oríkèé rẹ̀ kò sì ní bára mu dáadáa. Ní 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì Kalifóníà ní Défíìsì fi hàn pé lára akọ irú ajá ńlá tí à ń pè ní Gólídìn Ritrífà, àwọn tí a tẹ̀ lọ́dàá kí wọ́n tó pé ọdún kan ní àrùn oríkèé ìbàdí ní ìlọ́po méjì àwọn tí a kò tẹ̀. Ìwádìí wọn ti 2020 kò rí irú ìpalára yìí lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ajá kékeré.

Nítorí náà, ajá tí kò ní ju kílò 20 lọ bí ó bá dàgbà tán, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ajá ilé wa jẹ́, a lè ṣe é ní bí oṣù mẹ́fà, kí abo tó wá akọ ní ìgbà àkọ́kọ́. Ajá ńlá, pàápàá akọ, kí a dúró títí yóò fi dàgbà tán, láti ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi abo ajá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé a bí i ní oṣù Kìn-ín-ní, olóko sì fẹ́ kí a ṣe é ní oṣù Keje, ṣùgbọ́n àyè kò gbà á. Ní oṣù Kẹjọ, ojú ara rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ ń kán, àwọn akọ sì ń sùn sí ẹnu ọ̀nà. Kò gbọdọ̀ gbé e lọ nígbà náà, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ ilé ọmọ ti wú, ẹ̀jẹ̀ sì lè dà púpọ̀. Yóò tì í mọ́lé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí àkókò náà yóò fi kọjá pátápátá, yóò sì dúró di oṣù Kọkànlá. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kò ní fún un ní oúnjẹ mọ́, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí ó mu omi di òwúrọ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́, ajá náà kò gbọdọ̀ sáré tàbí fò fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì gbọdọ̀ lá ojú ọgbẹ́. Láàárín ọjọ́ 10 sí 14 ni a ó tú okùn tí a fi rán an. Bí ọgbẹ́ bá wú tí ó ń gbóná, tàbí tí omi tàbí ọyún ń jáde níbẹ̀, tàbí tí ẹran ìdí eyín rẹ̀ funfun, kí a gbé e padà lọ́gán.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ náà ó wọn kílò 15. Láti wọ̀n ọ́n nílé, olóko gun òṣùwọ̀n pẹ̀lú ajá lọ́wọ́, ó tún gùn ún lóun nìkan, ó sì yọ èkejì kúrò nínú èkínní. Ṣíbí ìbu-oúnjẹ mẹ́rin ni ó ń jẹ lóòjọ́, olóko kò sì dín in kù. Ní oṣù Kejì ó di kílò 16 àbọ̀, èyí tí í ṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá lórí ìwọ̀n rẹ̀, a kò sì rí egungun ìhà rẹ̀ kà mọ́. Ìgbà náà ni ó dín ṣíbí mẹ́rin kù sí mẹ́ta, tí kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé máa ju ègé iṣu sí i mọ́. Bí ó bá ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù, yóò rí i pé ó ń padà sí kílò 15 díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá sì lọ sí ìsàlẹ̀ kílò 15 tí egungun ń yọ síta, kí ó fi ìdajì ṣíbí kún un.