Gáàsì Ìdáná Láti Inú Ìgbẹ́ Màlúù

Láàárọ̀, kí ìyálé ilé kan ní abúlé Nẹ̀páàlì tó dáná oúnjẹ, yóò ti kó ìgbẹ́ màlúù jọ láti ibùso, yóò bu omi sí i, yóò sì pò ó títí yóò fi ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Inú ihò kan lẹ́yìnkùlé ni yóò dà á sí. Lẹ́yìn náà ni yóò wọlé, yóò ṣí ẹnu páìpù, yóò ṣáná sí sítóòfù. Iná tó máa jáde kò ní èéfín, kò sì ní ba ìdí ìkòkò jẹ́. Láti ọdún 1992 ni ètò ńlá kan ti ń ran àwọn àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè náà lọ́wọ́ láti kọ́ tánkì gáàsì ìgbẹ́ sílé, àwọn agbolé tó sì ti kọ́ ọ lé ní 200,000. Àwọn la fẹ́ fi ṣàlàyé bí ìgbẹ́ ṣe ń di iná.

Inú ikùn màlúù ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Màlúù kò lè dá koríko dà láìsí ìrànlọ́wọ́. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń bá a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì máa ń bá ìgbẹ́ jáde. Bí a bá da ìgbẹ́ yìí sí ìta gbangba, àwọn kòkòrò mìíràn tó ń lo afẹ́fẹ́ yóò gba iṣẹ́ náà ṣe, kò sì ní sí gáàsì kankan tí a lè kó jọ dáná. Ṣùgbọ́n bí a bá sé e mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, àwọn tó ti inú ikùn màlúù wá yóò máa bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Àwọn ti àkọ́kọ́ á fọ́ fọ́nrán koríko di ṣúgà. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn á sọ ṣúgà náà di ásíìdì, irú èyí tó ń mú ọtí kíkan kan. Àwọn ti ìgbẹ̀yìn ló ń jẹ ásíìdì yẹn, tí wọ́n sì ń tú gáàsì mẹ́tíénì sílẹ̀, gáàsì tó ń jó. Ibi tó ṣe pàtàkì jù nìyí: àwọn tó ń ṣe ásíìdì yára, wọ́n sì le, àmọ́ àwọn tó ń ṣe mẹ́tíénì lọ́ra, nǹkan kékeré sì ń pa wọ́n. Afẹ́fẹ́ ń pa wọ́n, òtútù ń dá wọn dúró, ọṣẹ ìfọṣọ àti oògùn apakòkòrò tí a fi fọ ibùso ń run wọ́n. Tánkì tó bàjẹ́, àwọn wọ̀nyí ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú nínú rẹ̀.

Tánkì tí ọ̀pọ̀ agbolé ń lò ní Nẹ̀páàlì kò ní irin kankan tó ń yí. Abẹ́ ilẹ̀ ló wà, òkúta tàbí bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ara rẹ̀, kọnkéré sì ni orí rẹ̀, tó rí bìrìkìtì bí ẹni da igbá borí. Bí gáàsì bá ti ń yọ, yóò gbára jọ sábẹ́ òrùlé yìí, yóò máa ti ìgbẹ́ pípò náà jáde sínú kòtò kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ń dáná, ìgbẹ́ inú kòtò kejì á tún máa ṣàn padà, ìwúwo rẹ̀ ni yóò sì máa ti gáàsì lọ sínú páìpù. Nítorí náà, kò nílò ẹ̀rọ, kò nílò iná mànàmáná. Ohun tó nílò ni bíríkìlà tó mọṣẹ́. Bí òrùlé náà bá sán bín-ín-tín, gáàsì ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń rẹ́ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n sì ń po ọ̀dà mọ́ sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń fi rẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tánkì kan tó gba lítà 6,000. Oúnjẹ rẹ̀ lójúmọ́ ni kílò 36 ìgbẹ́ tútù, ohun tí màlúù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a so mọ́lẹ̀ lè yà, pẹ̀lú lítà omi 36. Ìgbẹ́ ọ̀hún yóò lò tó àádọ́ta ọjọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú tánkì kó tó bá ẹnu kejì jáde. Kílò kan ìgbẹ́ màlúù máa ń mú gáàsì bíi lítà 40 wá bí ilẹ̀ bá móoru, èyí já sí nǹkan bíi lítà 1,400 lójúmọ́. Ojú sítóòfù kan ń jó tó lítà 400 ní wákàtí kan. Ẹbí náà yóò lè dáná fún wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ lójoojúmọ́. Fún àwa tó ń ra gáàsì inú sílíńdà, bí ẹni pé a ń rí sílíńdà kílò 12.5 kan gbà láàárín nǹkan bí ogún ọjọ́ ni. Nígbà òtútù, gáàsì wọn máa ń dínkù gan-an. Ìyẹn kò ní í ṣe wá ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí ilẹ̀ wa gbóná láti oṣù kìíní dé ìkejìlá.

Gáàsì tó kọ́kọ́ jáde nínú tánkì tuntun kò ní jó, nítorí afẹ́fẹ́ àti kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáìdì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kí wọ́n tú u dànù síta, níbi tí iná kò sí. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí èyí tó ń jó tó dé. Ìdánwò rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́nu tánkì láéláé, orí sítóòfù nínú ilé ìdáná ni kí wọ́n ti ṣáná sí i, nítorí mẹ́tíénì tó bá pò mọ́ afẹ́fẹ́ lè bú gbàmù. Gáàsì tó dára máa ń jó ní àwọ̀ búlúù, tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i lọ́sàn-án. Bí iná bá ń ṣẹ́jú, omi ti dúró nínú páìpù. Kí wọ́n ṣí i níbi tó rẹlẹ̀ jù kí omi náà jáde.

Sítóòfù gáàsì sílíńdà kò lè lò ó bó ṣe wà. Nínú ọgọ́rùn-ún lítà gáàsì ìgbẹ́, nǹkan bí ọgọ́ta péré ni mẹ́tíénì; ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáìdì tí kì í jó. Nítorí náà ihò tí gáàsì ń gbà yọ gbọ́dọ̀ fẹ̀ jù ti sílíńdà lọ. Gáàsì díẹ̀ tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Òórùn yẹn ń ta wá lólobó bí páìpù bá ń jò, àmọ́ ó ń jẹ irin, ó sì jẹ́ májèlé. Bí mẹ́tíénì bá jó tán, oruku omi àti kábọ́ọ̀nù dayọ́kísáìdì ló ń dà. Eérú àti èédú àìfojúrí tí èéfín igi ń gbé wọ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń dáná kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni àfijẹun. Ẹni tó fẹ́ gáàsì púpọ̀ a máa da ìgbẹ́ tó pọ̀ jù sí i, tàbí èèpo ẹ̀gẹ́ àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń ṣe ásíìdì á ṣe é ní kíá, àwọn tó ń jẹ ẹ́ kò ní lè bá wọn. Tánkì á kan, gáàsì á dínkù, èyí tó bá sì jáde kò ní jó. Kí wọ́n dá oúnjẹ rẹ̀ dúró fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n fi eérú igi díẹ̀ sí i, kí wọ́n sì bu ìgbẹ́ pípò láti inú tánkì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Lẹ́yìn tó bá jí, kí wọ́n máa bù ú fún un níwọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń jáde lẹ́nu kejì tánkì náà kò ṣòfò rárá: ajílẹ̀ tó dára ni, èròjà náítírójìn ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀ síbẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tí màlúù rẹ̀ ń jẹ̀ káàkiri inú igbó kò lè rí ìgbẹ́ kó jọ, owó tó bá ná sórí tánkì yóò ṣòfò. Àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọgbà, àwọn tó so màlúù mọ́lẹ̀, àti àwọn ilé ìpẹran wa ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé e yẹ̀ wò, bí omi bá wà nítòsí wọn. Ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ ń mú gáàsì wá dáadáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì kọ́ ọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú tánkì láti tún un ṣe, kódà bí ẹ bá ti gbọ́n ìgbẹ́ inú rẹ̀ tán. Kò sí afẹ́fẹ́ tí ènìyàn lè mí níbẹ̀, ẹni tó bá sì fò wọlé láti yọ ẹni àkọ́kọ́ lè kú pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, tó sì ní ohun èlò fún un, ni kí ẹ pè.