Bí Owó Ẹyin Bá Já Ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú oko kan tó ní 1,000 adìẹ. Bí 800 bá ń yé lójúmọ́, kéréètì 800 ni yóò jáde lóṣù. Bí kéréètì bá jẹ́ ₦5,000, ₦4,000,000 nìyẹn. Oúnjẹ wọn gba ₦2,880,000, ìnáwó yòókù gba ₦600,000, èrè wá ku ₦520,000. Ìṣirò àárín nìyí.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ yí pa dà, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Bí oúnjẹ bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i, èrè yóò ku ₦232,000. Bí iye ẹyin bá fi ìdá mẹ́wàá já, ₦120,000 péré ló kù. Iye ẹyin gan-an ló yẹ ká máa ṣọ́: tó bá dé ₦4,350, èrè tán.

Ṣùgbọ́n wàhálà kì í dá rìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń yọ díẹ̀ lára èrè, wọ́n á pè é ní ìṣirò ọjọ́ burúkú. Ìyẹn kò tó. Ẹ so ohun tó lè ṣẹlẹ̀ pa pọ̀: 700 ló ń yé, kéréètì di ₦4,500, oúnjẹ sì tún wọ́n bíi ti ìṣáájú. Àdánù ₦618,000 lóṣù kan! Bó bá dára gan-an, tí 850 ń yé, tí kéréètì jẹ́ ₦5,200, èrè á di ₦940,000.

Kí ẹ tó yáwó, ẹ fi ìṣirò ọjọ́ burúkú wo bí ẹ ó ṣe san án.