Bí Anpilifáyà Àtijọ́ Ṣe Lè Kọ Orin Inú Fóònù

Mo mọ ilé mélòó kan ní Ìyánsàn níhìn-ín tí anpilifáyà àtijọ́ ṣì wà ní pálọ̀, tí wọ́n da aṣọ bò ó bí òkú. Ẹ̀rọ náà kò kú o. Giramọfóònù rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti parí. Orin aṣíkò Comfort Omoge tí a máa ń gbọ́ lórí àwo ti wọ inú fóònù lọ. Alárinà ni ó kù, òun ni risífà Búlútúùtù: kinní kékeré tí ó ń gba orin láti inú fóònù láìsí wáyà, tí ó sì ń fi wáyà gbé e fún anpilifáyà.

Olùkọ́ kan ládùúgbò wa ra ọ̀kan. Ihò tí wọ́n kọ PHONO sí lára ni ó ki wáyà rẹ̀ bọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ti giramọfóònù wà tẹ́lẹ̀. Orin jáde, ṣùgbọ́n ó ń ha, ìró ìlù sì bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ayédèrú ni wọ́n tà fún mi.” Mo ní kí ó má tíì dá ọlọ́jà lẹ́bi.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ohun tí abẹ́rẹ́ giramọfóònù ń mú wá kéré jọjọ: bí ìdá 5 nínú 1,000 fóòtì. Nítorí náà, ihò PHONO máa ń sọ ohùn di ńlá púpọ̀, ó sì tún máa ń fi kún ìró ìsàlẹ̀ tí wọ́n dín kù nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo. Ṣùgbọ́n risífà ń mú tó fóòtì 1 wá, èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po 200. Ta ni yóò gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tí kò ní ké?

A pa ẹ̀rọ, a yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, a sì mú wáyà náà lọ sí AUX, pupa sí apá ọ̀tún, funfun sí apá òsì. Bí kò bá sí AUX, TUNER tàbí TAPE IN dára. Ẹ má lo èyí tí a kọ REC sí, ọ̀nà àbájáde ni. A yí kọ́kọ́rọ́ iwájú ẹ̀rọ sí AUX bákan náà. A tan risífà, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. A ṣí Bluetooth lórí fóònù, a tẹ orúkọ risífà náà, iná sì dúró. A gbé ohùn fóònù sókè dáadáa, a wá ń fi bọ́tìnì anpilifáyà bù ú díẹ̀díẹ̀. Orin já gaara.

Ariwo “hùùù” kan ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. A yọ risífà kúrò lára ṣájà ara ògiri, a fi páwà báǹkì fún un níná. Ariwo náà dákẹ́: ṣájà ni ó ń fà á. Bí kò bá dákẹ́ ni, à bá wo wáyà, lẹ́yìn náà inú anpilifáyà fúnra rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ oníṣẹ́ rédíò.