Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Bá Ní "A Dúpẹ́"

Bi nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, báwo ni iṣẹ́?" "A dúpẹ́" ni yóò sọ. Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ló bá ọgbọ̀n aláìsàn mọ́jú. Ó lè jẹ́ pé ọmọ kan kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní aago mẹ́ta òru. "A dúpẹ́" náà ni. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Bí a ṣe tọ́ wa láti dá ìkíni lóhùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n olùwádìí tó bá gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ sí ọsibítù, tó fẹ́ mọ ohun tí ojú àwọn nọ́ọ̀sì ń rí, "a dúpẹ́" ni yóò kó bọ̀ wálé.

Ohun tó ń wá ni àárẹ̀ iṣẹ́ tó ti dé ọkàn, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń pè ní bọnáòtù. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé wọn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ibi iṣẹ́ ń fà, wọn kò kà á mọ́ àrùn. Christina Maslach, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló fi ojú mẹ́ta tó ní hàn wá: agbára ọkàn a tán pátá, aláìsàn a di nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì lójú ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, olúwarẹ̀ a sì máa rò pé gbogbo làálàá òun kò já mọ́ nǹkan kan. Ní 1981, òun àti Susan Jackson gbé ìwé òṣùwọ̀n kan jáde tó fi ń wọn ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé yẹn lè sọ bí àárẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó lára ẹnì kan. Kò lè sọ alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí ohun tí nọ́ọ̀sì náà ń ṣe kí ó tó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ìyẹn gba pé ká jókòó tì í, ká gbọ́.

Ìwé atọ́nà ni olùwádìí ń mú lọ sí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe fọ́ọ̀mù tí a ó kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ká ṣáà máa sọ ohun tó bá wá sọ́kàn. Ewúrẹ́ tí a fi okùn gígùn so mọ́ èèkàn ló jọ: yóò jẹ káàkiri, ṣùgbọ́n kò ní wọ oko olóko. Ìbéèrè ńlá ni èèkàn. Okùn ni àyè tí nọ́ọ̀sì ní láti mú ìtàn rẹ̀ gba ibi tó wù ú.

Ká mú un pé olùwádìí kan fẹ́ bá nọ́ọ̀sì méjìlá sọ̀rọ̀ ní ọsibítù ìjọba kan ní Ìbàdàn, wákàtí kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wákàtí kan gba ìbéèrè ńlá mẹ́fà tàbí méje; ẹni tó bá kó ogún lọ yóò máa sáré ni. Èyí tó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni: "Ǹjẹ́ iṣẹ́ àpọ̀jù máa ń jẹ́ kí ó rẹ̀ yín, kí ẹ sì máa kanra mọ́ aláìsàn?"

Ìbéèrè yìí ti bàjẹ́ níbi mẹ́ta. Ó ti fi ìdáhùn sí nọ́ọ̀sì lẹ́nu, nítorí ó ti sọ pé iṣẹ́ àpọ̀jù ló fà á. Ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀, tí "bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo kò sì ní jẹ́ ká mọ èyí tó ń dáhùn. Èyí tó burú jù ni pé ó fẹ̀sùn kàn án. Nọ́ọ̀sì wo ni yóò jókòó síwájú àjèjì kó ní òun ń kanra mọ́ aláìsàn?

Ó yẹ kó yí i padà báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi gba inú iṣẹ́ alẹ́ tí ẹ ṣe kẹ́yìn kọjá, láti ìgbà tí ẹ gba wọ́ọ̀dù títí ẹ fi fi lé àwọn tàárọ̀ lọ́wọ́." Kò dárúkọ àárẹ̀, kò dárúkọ ìbínú. Alẹ́ kan pàtó ló béèrè, ẹnìkan kò sì lè fi "a dúpẹ́" dá alẹ́ odindi lóhùn. Nínú ìtàn yẹn ni àárẹ̀ yóò ti yọjú fúnra rẹ̀, bó bá wà níbẹ̀. Ojú mẹ́ta tí Maslach sọ, etí ni kí olùwádìí fi máa wá wọn, kó má fi ẹnu dá wọn sọ.

Fún ojú kejì, èyí tó ṣòro láti jẹ́wọ́, ó lè kọ ọ́ pé: "Ẹ rántí ìgbà kan tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, tó wá dà bí ẹni pé ọkàn yín kò sí níbẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?" Bí kò bá sí irú ìgbà bẹ́ẹ̀, kí ó sọ pé kò sí. Ìdáhùn nìyẹn náà.

Lábẹ́ ìbéèrè ńlá kọ̀ọ̀kan ni a máa ń kọ àwọn kéékèèké tí a fi ń tú ìdí ọ̀rọ̀. Níbí ni mo ti fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣọ́ra gidigidi. "Kí ló dé tí ẹ kò fi pe dókítà?" jẹ́ ìbéèrè lásán lójú ẹni tó kọ ọ́. Létí nọ́ọ̀sì, kúẹ́rì ni, irú ìwé tí ọ̀gá ń kọ síni kí èèyàn wá wí tẹnu rẹ̀. Kíá ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara rẹ̀. "Kí ló ń lọ lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù nígbà yẹn?" yóò mú ohun kan náà jáde, láìsí ẹ̀rù.

Kí ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé òun gbọ́dọ̀ bi nọ́ọ̀sì ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ó rẹ̀ mí" lè jẹ́ ti ara, kí oorun wákàtí mẹ́jọ tán an. "Ó sú mi" yàtọ̀. "Ọkàn mi ti kúrò níbẹ̀" tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Olùwádìí tó bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ bí ohun kan ṣoṣo ti sọ ohun tó wá nù. "Nígbà tí ẹ ní ó sú yín, báwo ló ṣe rí?" ti tó. Lẹ́yìn náà, kí ó dákẹ́, bí ìdákẹ́jẹ́ náà tilẹ̀ gùn.

Ìbéèrè tó wúwo kò gbọ́dọ̀ ṣíwájú, kò sì gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Èèyàn kì í tú ọgbẹ́ ẹlòmíràn ká kó wá kó ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀ lọ. Àárín ni ó wà, kí ìbéèrè nípa ohun tó ń gbé wọn ró sì tẹ̀ lé e. Inú ìwé atọ́nà náà ni a ti ń kọ ohun tí a ó ṣe bí nọ́ọ̀sì bá bú sẹ́kún: a ó dá ẹ̀rọ dúró, a ó bi í bóyá ká sinmi tàbí ká fi mọ síbẹ̀, orúkọ agbaninímọ̀ràn tó ti gbà láti rí i yóò sì wà lọ́wọ́ wa. Kí a má ṣe é ní ọ́fíìsì mẹ́tírọ́ọ̀nù, kí a má sì ṣe é láàárọ̀ tí nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́.

Kí iṣẹ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, a ní láti dán ìwé náà wò. Hanna Kallio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fínláǹdì, nínú àgbéyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, rí ọ̀nà mẹ́ta: kí àwọn olùwádìí bi ara wọn, kí ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò sí nínú iṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì gbé e lọ bá ẹni tó jọ àwọn tí a fẹ́ bi. Ẹ̀kẹta ló máa ń tú àṣírí. Olùwádìí wa bi nọ́ọ̀sì méjì, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé. Níbi tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bá ti gba ìlà mẹ́ta, tí ti nọ́ọ̀sì kò sì pé ìlà kan, ìbéèrè ibẹ̀ kò dára. Ká sì ní àwọn méjèèjì, nígbà tí wọ́n ń ròyìn alẹ́ wọn, dárúkọ ẹlẹgbẹ́ tó ti japa, tí wọn kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Kò sí èyí nínú ìwé rẹ̀. Kò ní sọ pé, "Ǹjẹ́ japa ló ń fa àárẹ̀ yín?" Yóò fi èyí sí i: "Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé wọ́ọ̀dù yìí, ẹ̀yin mélòó lẹ jọ ń ṣe alẹ́?" Ó sì gbọ́dọ̀ dá ìwé náà padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń ṣèwádìí lára wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí àyípadà ọ̀hún.

Ìbéèrè ìkẹyìn kò yí padà: "Kí ló yẹ kí n bi yín tí n kò bi?" Àwọn kan á ní kò sí. Wọ́n á dìde, wọ́n á mú báàgì wọn, olùwádìí á pa ẹ̀rọ. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń yíjú padà pé, "Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ná." Nítorí ìyẹn ni ìlà kan fi wà nísàlẹ̀ ìwé: "Ṣé ẹ gbà kí n fi èyí náà kún un?"