Ẹ jẹ́ ká mọ̀: iyọ̀ nìkan kò tó fún páswọ́ọ̀dù

Ní 2012, páswọ́ọ̀dù LinkedIn bíi mílíọ̀nù 6.5 bọ́ sígboro. SHA-1 ni wọ́n fi lọ̀ wọ́n, láìfi iyọ̀ sí i, ìyẹn lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń ṣàdédé ṣà fún oníkálukú. Láìsí iyọ̀, ẹni méjì tó bá lo páswọ́ọ̀dù kan náà á ní ìyẹ̀fun kan náà; olè tó já ọ̀kan ti já èkejì. Ẹnìkan lè ní olè á kó iyọ̀ náà lọ. Ó lè kó o, iyọ̀ kì í ṣe àṣírí; iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ìyẹ̀fun oníkálukú yàtọ̀. Àmọ́ bí iyọ̀ bá tilẹ̀ wà, SHA-1 yára jù: ẹ̀rọ olè lè dán bílíọ̀nù wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ti bcrypt oní-12, ó ń tún páswọ́ọ̀dù kan lọ̀ nígbà 4,096. Oníbàárà kò ní mọ ìdádúró náà lára, olè ni yóò mọ̀ ọ́n. Ẹ bi ẹni tó kọ ètò yín pé kí ló dé tó fi yan 12. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe bá a, ẹ má tíì gbà á.