Ọjọ́ Wo Ni Wọ́n Pàdé?

Ẹ jẹ́ ká fi agbo ilé kan n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, torí irú rẹ̀ pọ̀ káàkiri. Wọ́n ń ṣe ìṣílé ní ọjọ́ Àìkú. Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ọmọ ọdún mẹ́rin kan wà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń wúkọ́, imú rẹ̀ ń ṣàn, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Wọ́n bu ìrẹsì fún un, kò jẹ ẹ́. "Ọ̀fìnkìn ni," ni ìyá rẹ̀ wí, agbo sì ń bá ijó lọ. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ara ọmọ náà ti sú wínníwínní. Ẹ̀yìn etí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ojú, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí àyà. Éèyí ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìta.

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni wọ́n tó tẹ àwọn àlejò láago. Mẹ́ta nínú wọn ni ọ̀rọ̀ kàn jù lọ. Ìyá kan wà tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ oṣù méje. Àbúrò ìyá náà, ọkùnrin ẹni ọdún 26, kò gba abẹ́rẹ́ éèyí rí. Aládùúgbò wọn náà gbé ọmọ oṣù mẹ́rin dání lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì yóò kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé: ọjọ́ wo ni wọ́n pàdé ọmọ náà, ní aago mélòó? Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbọ́, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí ara ọmọ náà sú. Wákàtí 72 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ní láti ṣáájú àrùn náà, aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Àìkú sì ni a ti ń kà á. Yóò pé ní aago méjì ọ̀sán Ọjọ́rú. Àwọn tí wọ́n gbọ́ ìròyìn lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò ní ju òwúrọ̀ kan ṣoṣo lọ lọ́wọ́.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ni pé ara ọmọ náà kò tíì sú nígbà tí wọ́n jọ jókòó. Ṣùgbọ́n éèyí ti máa ń ràn láti ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú kí ara tó sú, títí di ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé e. Bí ẹni tó ní in bá wúkọ́ nínú yàrá, tó sì jáde, fáírọ́ọ̀sì náà lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá yẹn fún wákàtí méjì. Ní ọdún 1981, éèyí ran àwọn ọmọ kan ní ọ́fíìsì dókítà àwọn ọmọdé ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn dé ibẹ̀ ní wákàtí kan lẹ́yìn tí aláìsàn náà ti lọ. Nítorí náà, ẹni tó ní "mi ò kúkú fọwọ́ kàn án" kò tíì sọ nǹkan kan.

Kí ló dé tí abẹ́rẹ́ tí a gbà lẹ́yìn ìpàdé fi lè ṣiṣẹ́? Ìdáhùn wà nínú iye ọjọ́ tí àrùn náà fi ń lúgọ sára. Ní ọdún 1846, ìjọba Denmark rán ọ̀dọ́ dókítà kan, Peter Panum, lọ sí àwọn erékùṣù Faroe, níbi tí éèyí ti bo ilé dé ilé. Abúlé ibẹ̀ jìnnà síra wọn, ó sì rọrùn láti mọ ọjọ́ tí àlejò gbé àrùn wọ̀lú. Panum kà á, ó rí i pé ó máa ń tó ọjọ́ 13 tàbí 14 lẹ́yìn ìpàdé kí ara tó sú. Ó tún rí i pé àwọn arúgbó tí éèyí ti mú ní 1781, ọdún 65 sẹ́yìn, kò tún ní in mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì tí àrùn náà fi ń múra yìí ni àyè tí abẹ́rẹ́ ní. Bí abẹ́rẹ́ bá tètè wọlé, ara yóò ti kọ́ bí a ṣe ń bá éèyí jà kí fáírọ́ọ̀sì tó wọlé lọ́jọ́ ìpàdé tó gbilẹ̀. Kì í dáàbò bo gbogbo ènìyàn tó bá gbà á báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn náà bá sì mú lẹ́yìn rẹ̀, ó sábà máa ń ṣe é wẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò. Kó tó jáde nílé, kó kọ́kọ́ pe ìyá rẹ̀ lábúlé. Bí ìyá bá rántí dáadáa pé éèyí ṣe é ní kékeré, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, ààbò wà lára rẹ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n "ìgbóná ṣe é rí" kò tó, nítorí orúkọ kan náà ni àwọn kan ń pe gbogbo àìsàn tó bá ń mú ara sú. Bí kò bá sí ẹ̀rí, wọn yóò kà á sí ẹni tí kò ní ààbò. Abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ ìjọba wà fún àwọn ọmọdé, torí náà ó lè jẹ́ ilé ìwòsàn ńlá tàbí ti aládàáni ni yóò ti rí tàgbàlagbà. Kó tẹ̀ wọ́n láago kó tó wọ ọkọ̀. Ọ̀kan ni yóò gbà ní Ọjọ́rú, èkejì yóò tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ 28 ó kéré tán. Bí wákàtí 72 bá ti kọjá, kó ṣì gbà á. Kò ní lè gbà á lọ́wọ́ ti ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n yóò wúlò fún ìpàdé tó ń bọ̀.

Abẹ́rẹ́ yìí kò wà fún aláboyún, kò sì wà fún ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ọ̀nà mìíràn wà fún wọn tí kò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ.

Ọmọ oṣù méje ńkọ́? Oṣù mẹ́sàn-án ni Nàìjíríà máa ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ éèyí àkọ́kọ́, èkejì ní oṣù 15. Ìdí ni pé ààbò tí ìyá gbé fún ọmọ nínú oyún ṣì máa ń wà lára rẹ̀ ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ààbò yẹn sì lè ba iṣẹ́ abẹ́rẹ́ jẹ́. Síbẹ̀ ó ń ṣá díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ọmọ bá fi máa pé oṣù mẹ́fà ó lè má ṣẹ́ kù tó nǹkan. Nítorí náà, bí éèyí bá ti wọ àdúgbò, ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà lè gba abẹ́rẹ́ kan tí àwọn onímọ̀ ìlera ń pè ní òdo. Òdo ló jẹ́ lóòótọ́: wọn kì í kà á mọ́ méjì tó yẹ kó gbà. Ìyá tó bá rò pé ó ti parí ti ṣe àṣìṣe; kó tún gbé e padà ní oṣù mẹ́sàn-án àti ní oṣù 15.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà ń dojú rú ni ẹnu ọ̀nà ibùdó ìlera. Igo abẹ́rẹ́ kan sábà máa ń tó ènìyàn 10. Bí wọ́n bá ti po ìyẹ̀fun inú rẹ̀ mọ́ omi rẹ̀, wákàtí mẹ́fà péré ló ní, ìyókù di dídànù. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ igo lè sọ pé: "Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ abẹ́rẹ́ nìyẹn." Bí ìyá bá dákẹ́ tó yí padà, wákàtí 72 rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Gbólóhùn kan ló yẹ kó sọ: "Ọmọ mi pàdé ẹni tó ní éèyí ní aago méjì ọjọ́ Àìkú." Igo ṣeé ṣí fún ọmọ kan ṣoṣo. Bí nọ́ọ̀sì bá ṣì ń lọ́ra, kó bá wọn pe òṣìṣẹ́ tó ń rí sí àrùn tó ń ràn ní ìjọba ìbílẹ̀. Ìròyìn éèyí yẹ kó dé etí òṣìṣẹ́ yẹn lọ́nàkọnà.

Ti ọmọ oṣù mẹ́rin yàtọ̀. Kò tíì tó abẹ́rẹ́ gbà, òdo pàápàá. Ohun tó wà fún un ni imúnógílóbúlìn, ìyẹn ààbò tí wọ́n yọ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti ní in, tí wọ́n wá gún fún ọmọ. Ọjọ́ mẹ́fà ni àyè rẹ̀, nítorí náà ti ọmọ yìí parí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìdajì mílílítà ni fún kílò kan: ọmọ kílò mẹ́fà yóò gba mílílítà mẹ́ta sí itan. Ní ilé ìwòsàn ńlá nìkan ni a ti lè rí i ní Nàìjíríà, kì í sì í fi gbogbo ìgbà wà. Ní London tàbí Houston, bí irú rẹ̀ bá ṣe ìdílé Yorùbá kan níbẹ̀, ó rọrùn jù láti rí, dókítà ìdílé ni kí wọ́n tẹ̀ láago. Ẹni tó bá gbà á kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ éèyí fún oṣù mélòó kan, oṣù mẹ́fà nínú ìlànà Amẹ́ríkà, torí yóò pa iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà.

Àwọn tó ń gbé pẹ̀lú ọmọ tí ó ṣàìsàn ni ìṣirò burú sí jù. Ara rẹ̀ sú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí náà ó ti ń ràn láti ọjọ́ Ẹtì. Wákàtí 72 àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan náà ti parí ní ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni tó fura. Imúnógílóbúlìn nìkan ló ṣì lè bá a, títí di Ọjọ́bọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ìṣọ́ ló kù. Láti ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìpàdé títí di ọjọ́ 21, kí wọ́n má gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ọjà. Ẹni tó gba imúnógílóbúlìn yóò ṣọ́ra dé ọjọ́ 28. Ọ̀nà tí àmì máa ń gbà wá ni ibà, ikọ́, imú tó ń ṣàn àti ojú pípọ́n, kí ara tó wá sú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ lè fa ibà àti ìsú díẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ méje sí 12 lẹ́yìn tí a gbà á. Nítorí náà, kí ìyá mú káàdì dání, kó sì sọ ọjọ́ abẹ́rẹ́, kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ má baà ṣi àwọn òṣìṣẹ́ lọ́nà. Kó tẹ̀ wọ́n láago kó tó lọ, kí wọ́n lè gbà á wọlé láìjókòó láàárín àwọn ọmọ mìíràn.

Bí ọmọ bá ń mí kíákíá, tí kò mu ọmú mọ́, tí gìrì mú un, tàbí tó ń sùn ṣáá, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Fítámínì A ni wọn yóò fún un lọ́jọ́ méjì tẹ̀ léra wọn, ìwọ̀n rẹ̀ sì ń yí pẹ̀lú ọjọ́ orí, nítorí éèyí ń fọ́ ojú. Ẹmu tí àwọn àgbà ń wọ́n sára ọmọ kò pa éèyí. Àgbo tí wọ́n ń kán sójú ló burú jù, òun gan-an ti fọ́ ojú ọ̀pọ̀ ọmọ.

Ní ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, ìyá àti ọmọ oṣù méje dé ibùdó ìlera ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Nọ́ọ̀sì ṣí igo, ó sì kọ "òdo" sórí káàdì pẹ̀lú ọjọ́ tí ọmọ náà yóò pé oṣù mẹ́sàn-án.